Ojú Kan Kò Lè Wà Níbi Méjì: Káàdì Alàwòrán àti Ẹ̀kọ́ Nípa Ẹranko fún Ọmọ Tí Kò Gbọ́rọ̀ Dáadáa

Ẹranko ńlá kan wà nínú igbó tí à ń pè ní ẹfọ̀n. Kòkòrò kékeré kan sì wà tí ó máa ń kùn létí ẹni lóru, ẹ̀fọn ni tirẹ̀. Ẹ dúró níwájú dígí, kí ẹ pe orúkọ méjèèjì láìjẹ́ kí ohùn jáde. Ẹ wo ètè yín. Kò sí ìyàtọ̀ kankan: eyín òkè á fara kan ètè ìsàlẹ̀, ètè á ká díẹ̀, ó parí. Ohùn nìkan ló ya ẹranko tó lè fi ìwo gún ọdẹ pa sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí a ń fi àtẹ́lẹwọ́ gbá mọ́ ògiri. Bí ọmọ tí etí rẹ̀ kò gbé ohùn bá jókòó sí kíláàsì tí olùkọ́ ti ń pe orúkọ ẹranko, ètè olùkọ́ ló ń wò. Ohun tí ètè sì ń sọ fún un ni pé nǹkan kan náà ni ẹfọ̀n àti ẹ̀fọn.

Ẹ̀kọ́ nípa ẹranko wà lára àwọn ẹ̀kọ́ tí ọmọ kọ́kọ́ ń bá pàdé nílé-ìwé, gbogbo wa la sì rò pé ó rọrùn. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí a ṣe ń kọ́ ọ. Áńtí á dúró níwájú, á ní, "Báwo ni ajá ṣe ń gbó?" Gbogbo kíláàsì á gbó. "Báwo ni ewúrẹ́ ṣe ń ké?" Wọ́n á ké bí ewúrẹ́, ẹ̀rín á sọ. Láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ohun tí etí ń gbọ́ ni a fi ń dá ẹranko kan mọ̀ yàtọ̀ sí èkejì. Ọmọ tí kò gbọ́ rí i pé àwọn ẹgbẹ́ òun la ẹnu, ó la tirẹ̀ náà. Áńtí rí i pé ẹnu rẹ̀ ń lọ, ó gbà pé ó ń bá wọn kọ́ ọ.

Ẹ jẹ́ ká fi ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́jọ kan ṣe àpẹẹrẹ. Ká sọ pé kíláàsì kejì ló wà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba kan ní Ìbàdàn, ogójì ọmọ nínú yàrá kan, páànù lókè, fèrèsé tó ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ká sọ pé àrùn yírunyírun ló kọlù ú nígbà tó wà ní ọmọdún mẹ́ta, tí ó sì ba etí rẹ̀ jẹ́. Kì í ṣe adití pátápátá. Tí ènìyàn bá sún mọ́ ọn, ó ń gbọ́. Tí onítọ̀hún bá lọ sẹ́yìn díẹ̀, kò gbọ́ mọ́. Èyí gan-an ló ń jẹ́ kí wọ́n máa pè é ní olóríkunkun, nítorí ẹni tó gbọ́ lánàá, kí ló dé tí kò gbọ́ lónìí? Èdè wa pàápàá ti dẹ pàkúté yìí sílẹ̀: tí a bá ní ọmọ kan kì í gbọ́ràn, ìwà là ń bá wí, kì í ṣe etí. Ó dùn mí pé ọ̀pọ̀ ọmọ ni wọ́n ti nà nítorí ọ̀rọ̀ tí kò dé etí wọn rárá.

Ìṣirò kékeré kan lè jẹ́ ká mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí i. Désíbẹ̀lì ni wọ́n fi ń wọn bí ohùn ṣe lágbára tó. Tí ènìyàn bá ń sọ̀rọ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, tí ẹni tó ń gbọ́ sì wà ní mítà kan sí i, nǹkan bí 60 ni ohùn rẹ̀. Nígbàkígbà tí a bá sọ ọ̀nà yẹn di ìlọ́po méjì, ohùn á dín ní nǹkan bí 6. Ní mítà méjì, ó di 54. Ní mítà mẹ́rin, ó di 48. Ká sọ pé nígbà tí wọ́n yẹ etí ọmọ yìí wò, wọ́n rí i pé ohun tí kò bá tó 55, kò lè gbọ́ ọ. Ìyẹn ni pé ní ìlà àga kejì, bí ibi gbogbo tilẹ̀ pa rọ́rọ́, ọ̀rọ̀ Áńtí ti ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ wá fi òjò sí orí páànù, ẹ fi kíláàsì kejì tó ń ka ìsọdipúpọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, ẹ fi jẹnẹrétọ̀ ẹni tó ń lọ ata lẹ́yìn fẹ́ǹsì.

Ẹ̀rọ ìgbọ́rọ̀ tí wọ́n ń fi sétí ń ṣèrànwọ́ gan-an, ṣùgbọ́n kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ohùn Áńtí àti ohùn àga tí wọ́n ń wọ́ nílẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ló ń gbé sókè pọ̀. Bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ bá wà láàárín mítà kan sí méjì, ó wúlò. Bí ó bá jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ, ariwo yàrá á borí. Nítorí náà, ojú ni ọmọ yìí fi ń parí iṣẹ́ tí etí bẹ̀rẹ̀.

Ibí yìí ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Ọmọ tó gbọ́ lè máa wo àwòrán ewúrẹ́, kí etí rẹ̀ máa gba ọ̀rọ̀ náà "ewúrẹ́" wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Nǹkan méjèèjì pàdé nínú orí rẹ̀, ó ti kọ́ ọ. Ojú ọmọ tí kò gbọ́ dáadáa kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ó bá ń wo káàdì, kò rí ètè, ọ̀rọ̀ kọjá. Bí ó bá gbé ojú sókè sí ètè, káàdì ti lọ. Olùkọ́ tó gbé káàdì sókè tó sì ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ti gba ọ̀kan nínú méjèèjì lọ́wọ́ rẹ̀. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù nìyí, àwọn olùkọ́ tí káàdì wọn rẹwà jù lọ gan-an ló sì máa ń ṣe é, nítorí wọ́n rò pé káàdì ti ṣe iṣẹ́ tán.

Kí a tó dé orí bí a ṣe ń lò ó, ẹ jẹ́ ká ṣe káàdì náà. Páálí tí wọ́n fi kó àwọn nǹkan wá sí ṣọ́ọ̀bù tó, bébà funfun tí a lẹ̀ mọ́ ọn, máàkà dúdú kan àti pupa kan. Kí káàdì má kéré ju ìdajì bébà tí wọ́n fi ń tẹ ìdánwò lọ. Ẹranko kan ṣoṣo ni kó wà lórí rẹ̀, láìsí ilé, láìsí igi, láìsí ẹni tó di okùn rẹ̀ mú. Ẹni tó gbọ́ mọ̀ pé ewúrẹ́ là ń sọ. Ọmọ yìí kò mọ̀ bóyá okùn ni, tàbí koríko, tàbí bàbá tó dúró níbẹ̀.

Àwọn àwòrán ẹranko tí wọ́n tẹ̀ fún ọmọ òkè òkun ni mo fẹ́ kí a ṣọ́ra fún. Àgùntàn inú wọn ní irun funfun tó wú bí òwú. Àgùntàn tó ń rìn kiri ní Bẹẹrẹ àti ní Ọjà Ọba kò rí bẹ́ẹ̀. Irun tiwa kúrú, ó lè jẹ́ funfun, ó lè jẹ́ dúdú, ó lè jẹ́ alámì, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí kò fara balẹ̀ á fi pè é ní ewúrẹ́. Ọmọ tó gbọ́ á gbọ́ lẹ́nu ìyá rẹ̀ pé àgùntàn nìyẹn, yóò sì gbàgbé àwòrán. Ọmọ tí kò gbọ́ á gbà pé àgùntàn jẹ́ ẹranko kan tí òun kò tíì rí rí, àti pé gbogbo ohun tó wà ládùúgbò jẹ́ ewúrẹ́. Nítorí náà, ẹ fi fóònù ya èyí tó wà nítòsí, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde, tàbí kí ẹ yà á lọ́wọ́. Kí ìrù hàn kedere, nítorí ìrù ni ojú lè fi dá wọn mọ̀: ti ewúrẹ́ máa ń nà sókè, ti àgùntàn máa ń rọ̀ sílẹ̀.

Ẹranko kọ̀ọ̀kan nílò ju àwòrán kan lọ. Ewúrẹ́ dúdú, ewúrẹ́ pupa, ọmọ ewúrẹ́. Bí ó bá jẹ́ dúdú nìkan ni ẹ fi hàn án, kí ló máa sọ fún un pé ewúrẹ́ kì í ṣe orúkọ àwọ̀ dúdú, tàbí orúkọ ẹran ọ̀hún fúnra rẹ̀ bí ẹni ń pe Táíwò?

Ọ̀rọ̀ tí a kọ, ẹ jẹ́ kí ó wà lórí káàdì tirẹ̀, kí ó má wà lábẹ́ àwòrán. Tí méjèèjì bá wà pọ̀, ojú á lọ sí àwòrán, kò ní í ka ọ̀rọ̀. Tí wọ́n bá yàtọ̀, a lè ní kó mú ọ̀rọ̀ lọ bá àwòrán rẹ̀. Lẹ́tà kéékèèké ni kí ẹ lò, kó ga tó ìbú ìka méjì, kí ẹ má fi lẹ́tà ńlá kọ gbogbo rẹ̀. Àmì ohùn àti àmì ìsàlẹ̀, máàkà pupa ni kí ẹ fi fà wọ́n. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú wa ń fo àwọn àmì wọ̀nyí, a ní ẹni tó bá ń kà á á mọ̀ ọ́n. Ẹni tó gbọ́ ló máa mọ̀ ọ́n. Fún ọmọ yìí, àmì orí ẹ̀fọn ni ibì kan ṣoṣo lórí bébà tí ohùn ti hàn sí ojú. Tí a bá fò ó, a ti fi ẹfọ̀n àti ẹ̀fọn sí inú àpò kan.

Àmì yìí lè jáde kúrò lórí bébà pàápàá. Dò-re-mí tí àwọn olùkọ́ ń lò tẹ́lẹ̀, ẹ fi ọwọ́ ṣe é: ọwọ́ lọ sílẹ̀ fún dò, ó dúró ní iwájú àyà fún re, ó gòkè fún mí. Ẹ̀fọn: ọwọ́ wà nísàlẹ̀, ó gòkè dé àyà. Ẹfọ̀n: ọwọ́ wà ní àyà, ó sọ̀ kalẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ọmọ á máa fi ọwọ́ bèèrè èyí tí ẹ ń sọ.

Ó wá di ọjọ́ ẹ̀kọ́. Kí káàdì kankan tó jáde, ìṣẹ́jú méjì wà láàárọ̀ tí kò gbọdọ̀ fò. Daniel Ling, ọ̀jọ̀gbọ́n tó fi ayé rẹ̀ ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ adití, ló mú ìró mẹ́fà jáde tí a fi ń yẹ etí àti ẹ̀rọ wò kíákíá. Ó sì dára fún wa pé gbogbo mẹ́fẹ̀ẹ̀fà wà nínú èdè Yorùbá: m, u, a, i, ṣ, s. Àwọn ti ìbẹ̀rẹ̀ ń dún nísàlẹ̀, s ló ń dún lókè jù. Ẹ fi káàdì bo ẹnu yín, kí ó má fara kan ètè, kí ẹ dúró ní mítà kan. Ẹ pe ìró kọ̀ọ̀kan láìtẹ̀lé ètò kan, kí ẹ máa dákẹ́ fún àkókò tí kò bára dọ́gba láàárín wọn, kí ọmọ má baà máa fi ìṣirò méfò. Bí ó bá ti gbọ́, kó ju ìdérí ìgò kan sínú abọ́.

Bí ó bá gbọ́ gbogbo rẹ̀ lánàá, tí kò gbọ́ s àti ṣ lónìí, ẹ yọ ẹ̀rọ náà, ẹ wo ihò rẹ̀: ìdọ̀tí etí lè ti dí i. Ó sì lè jẹ́ òtútù ló mú ọmọ. Bí kò bá gbọ́ ohunkóhun, bátìrì ló ṣeé ṣe kó ti tán. Bátìrì ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ yìí, atẹ́gùn ló ń mú un ṣiṣẹ́. Tí a bá ti bó ohun tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn, ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í kú nìyẹn, à báà lò ó, à báà fi í sílẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kan sí méjì ni púpọ̀ nínú wọn ń lò. Òbí tó bó mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà kí wọ́n lè wà nílẹ̀ ti pàdánù mẹ́ta. Mo ń sọ èyí torí pé ẹ̀rọ tó ti kú ń di etí ni. Ọmọ tó wọ̀ ọ́ kò sàn ju ẹni tó ki òwú bọ etí lọ.

Ibi tí ọmọ jókòó sí náà ṣe pàtàkì. Iwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí ó lè yí ojú sí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ láìyí gbogbo ara. Kí Áńtí má sì fi ẹ̀yìn ti fèrèsé: ìmọ́lẹ̀ tó bá wà lẹ́yìn rẹ̀ á sọ ojú rẹ̀ di òjìji, ètè á pòórá.

Ẹranko mẹ́rin ló tó fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú: ewúrẹ́, àgùntàn, adìẹ, pẹ́pẹ́yẹ. Áńtí á kọ́kọ́ gba ojú ọmọ. Kì í ṣe ariwo ló ń gba ojú. Ní àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn wọ́n ń fi ẹsẹ̀ kilẹ̀, torí pákó ni ilẹ̀ wọn. Sìmẹ́ńtì tiwa kì í gbọ̀n. Wọ́n tún máa ń pa iná kí wọ́n tún tàn án, ṣùgbọ́n iná tí kò sí kò ṣeé pa. Ìlù díẹ̀ lórí tábìlì tí ọwọ́ rẹ̀ wà lé, tàbí ọwọ́ jẹ́jẹ́ léjìká, ti tó.

Nígbà tí ojú bá ti dé, Áńtí á gbé àwòrán ewúrẹ́ sókè ní iwájú àyà. Á pa ẹnu mọ́. Á ka ení, èjì, ẹ̀ta nínú ara rẹ̀. Àkókò yìí ni ọmọ ń wo ìrù, ìwo, ẹsẹ̀. Lẹ́yìn náà ni Áńtí á gbé káàdì sún mọ́ àgbọ̀n rẹ̀. Ojú ọmọ á tẹ̀ lé káàdì gòkè, á bá ètè níbẹ̀. Ìgbà yìí ni Áńtí á sọ̀rọ̀, gbólóhùn pípé, kì í ṣe orúkọ nìkan: "Ewúrẹ́ nìyí. Ewúrẹ́ ń jẹ koríko." Ohùn bí ó ṣe máa ń sọ̀rọ̀ ni, nítorí ẹni tó bá ń pariwo, ètè rẹ̀ máa ń dàrú. Á dákẹ́. Á fi ọwọ́ ṣe àmì ewúrẹ́. Á wá gbé káàdì ọ̀rọ̀ jáde, á dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i. Gbogbo èyí á gbà tó ogún ìṣẹ́jú àáyá. Olùkọ́ tó ń fi ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún sáré kọjá lórí káàdì kan lè kọ́ ẹranko méjìlá, ṣùgbọ́n méjìlá tí ọmọ yìí rí kò ní í ní orúkọ.

Ìdáhùn àpapọ̀, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà!", tí a fẹ́ràn púpọ̀, ni mo rò pé ó ń ba ẹ̀kọ́ jẹ́ fún un jù. Nínú igbe ogójì ọmọ, kò sí ohùn kan tó dá dúró, bẹ́ẹ̀ ni kò sẹ́ni tó lè mọ ẹni tí kò sọ nǹkan kan. Ẹ fún ìjókòó kọ̀ọ̀kan ní káàdì kéékèèké mẹ́rin. Áńtí á bèèrè, "Èwo ló ń yé ẹyin?" kí wọ́n gbé káàdì sókè. Gbogbo ìdáhùn á hàn lójú, ti ọmọ yìí náà á wà láàárín wọn. Bí ọmọ mìíràn bá sọ̀rọ̀, Áńtí á nàka sí i, á dúró títí ọmọ wa á fi yí ojú síbẹ̀, kí onítọ̀hún tó sọ ọ́. Á tún un sọ lẹ́yìn náà, nítorí kí ojú tó dé ibẹ̀, ìdajì ọ̀rọ̀ lè ti lọ.

Dípò igbe ẹranko, ẹ jẹ́ kí a fi ohun tí ojú àti ọwọ́ mọ̀ pín wọn. Ta ló ní ìyẹ́, ta ló ní irun? Ẹsẹ̀ méjì tàbí mẹ́rin? Ta ló ń bímọ, ta ló ń yé ẹyin? Ẹnu adìẹ mú ṣómúṣómú, ti pẹ́pẹ́yẹ tẹ́ pẹrẹsẹ. Awọ so ọmọ ìka ẹsẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ pọ̀, ìyẹn ló fi ń wẹ̀ lódò. Bí ẹnì kan bá lè mú ewúrẹ́ gidi wá sí àgbàlá, kí ọmọ gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e lọ́rùn nígbà tó bá ń ké. Á gbọ́ igbe náà lọ́wọ́.

Báwo la ṣe ń mọ̀ pé ó yé e? Kì í ṣe nípa bíbi í pé "Ṣé ó yé ẹ?" Á mi orí. Àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ ti kọ́ tipẹ́ pé orí tí a mì ló máa ń jẹ́ kí àgbàlagbà fi wọ́n sílẹ̀. Ẹ to àwòrán mẹ́rin síwájú rẹ̀, kí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò ní ọ̀nà mẹ́ta, níbi tó dákẹ́. Ní àkọ́kọ́, ẹ fún un ní àwòrán ewúrẹ́ mìíràn tí kò rí rí, pupa, tó dùbúlẹ̀, kó fi sí ibi tó yẹ. Ní ẹ̀ẹ̀kejì, ẹ pe orúkọ rẹ̀ kó rí ojú yín, kó nàka sí i. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, ẹ fún un ní káàdì ọ̀rọ̀ láìsọ nǹkan kan.

Àṣìṣe rẹ̀ á sọ ibi tí ìṣòro wà. Bí ó bá fi ewúrẹ́ pupa sí ara àgùntàn, kì í ṣe ọ̀rọ̀ etí mọ́. Àwọ̀ ló fi mọ ewúrẹ́, kò tíì wo ìrù. Ẹ mú àwòrán púpọ̀ sí i wá. Bí ó bá ṣe ti àwòrán tán láìṣì, tó wá ń ṣì nígbà tí ẹ bá ń pe orúkọ, etí ni tàbí ètè ni tàbí ìmọ́lẹ̀; ẹ yẹ ẹ̀rọ wò, ẹ sún mọ́ ọn. Bí ó bá jẹ́ káàdì ọ̀rọ̀ nìkan ló ń ṣì, tó ń mú "adìẹ" nígbà tó yẹ kó mú "àgùntàn", lẹ́tà àkọ́kọ́ ló ń wò tó sì ń fi ìyókù sílẹ̀; ẹ gé ọ̀rọ̀ náà sí wẹ́wẹ́, kó tò ó padà. Olùkọ́ tó kàn kọ "2 nínú 4" sínú ìwé ti sọ gbogbo ìmọ̀ yìí nù.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó nílò sùúrù ju àwọn yòókù lọ: ẹran. Ní ilé-ìwé, wọ́n fi ewúrẹ́ hàn án, wọ́n ní ẹran ọ̀sìn ni. Nílé, ìyá rẹ̀ nàka sí ohun tó wà nínú ọbẹ̀, ó ní ẹran ni. Ọmọ tó gbọ́ ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lọ́nà ọgọ́rùn-ún kó tó wọ ilé-ìwé, méjèèjì kò ta kora lọ́kàn rẹ̀. Ti ọmọ yìí lè jẹ́ ẹ̀ẹ̀kejì tó máa rí i. Ẹ ṣe káàdì méjì fún un, ọ̀kan fún ẹran inú abọ́, ọ̀kan fún àpapọ̀ ẹran ọ̀sìn, kí àwòrán mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà lórí èyí tó kẹ́yìn.

Nítorí èyí ni mo fi fẹ́ kí káàdì kúrò ní ilé-ìwé lọ sí ilé ní ọjọ́ Ẹtì, kí ẹ̀kọ́ tó wáyé ní ọjọ́ Ajé. Kí ìyá gbé àwòrán adìẹ sí ẹ̀gbẹ́ adìẹ gidi, kó pa ẹnu mọ́, kó dúró, kó tó sọ̀rọ̀. Ẹ bi í náà pé irú àmì ọwọ́ wo ni wọ́n ń ṣe fún ewúrẹ́ nínú ilé wọn. Ọ̀pọ̀ ilé ló ti dá tiwọn sílẹ̀ tipẹ́. Ẹ ya àmì náà sí ẹ̀yìn káàdì, kí àmì tí wọ́n ń lò ní ilé-ìwé àwọn adití sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Àmì ilé-ìwé yìí ní ìtàn. Andrew Foster, aláwọ̀ dúdú ọmọ Amẹ́ríkà tí yírunyírun sọ di adití nígbà tó wà lọ́mọdún mọ́kànlá, ló dá ilé-ìwé àwọn adití sílẹ̀ ní Gánà ní ọdún 1957, tó sì dé Ìbàdàn ní ọdún 1960 láti ṣe bẹ́ẹ̀. Àmì tí ó mú wá láti Amẹ́ríkà ni ìpìlẹ̀ èyí tí ọ̀pọ̀ adití ń sọ ní Nàìjíríà títí di òní. Nínú rẹ̀, àtàǹpàkò àti ìka kékeré tí a nà, tí a fi àtàǹpàkò kan ẹ̀bátí, ni màlúù, bí ìwo. Àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀là tó ń pàdé tó ń là níwájú ẹnu ni ẹyẹ.

Mo dárúkọ rẹ̀ nítorí ibi tí agbára káàdì mọ. Káàdì ń sọ orúkọ, kò lè bèèrè ìdí. Kò lè pa àlọ́ ìjàpá, kò lè sọ pé ewúrẹ́ aládùúgbò wá jẹ iṣu wa lánàá. Ọmọ tí àpẹẹrẹ wa dá lé lórí ní etí díẹ̀ tó ṣẹ́kù, káàdì àti ètè àti ẹ̀rọ lè gbé e lọ jìnnà. Ọmọ tí kò gbọ́ nǹkan kan rárá lè mọ igba káàdì lórí kó má lè so ọ̀rọ̀ mẹ́ta pọ̀, bí kò bá rí ẹni tó ń fi ọwọ́ bá a sọ̀rọ̀ lójoojúmọ́, ọmọdé àti àgbàlagbà. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ nílò olùkọ́ tó gbọ́ èdè àwọn adití. Ilé-ẹ̀kọ́ gíga ti ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Ọ̀yọ́ fún ẹ̀kọ́ àkànṣe ti ń kọ́ irú àwọn olùkọ́ bẹ́ẹ̀. Kí ilé-ìwé kọ lẹ́tà béèrè fún wọn, kí òbí má dákẹ́.

Ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ ní irú ọmọ yìí ní kíláàsì, ẹ má dúró de ẹ̀rọ, ẹ má dúró de àwòrán tó rẹwà. Ní ọ̀la, ẹ gbé káàdì kan sókè, ẹ pa ẹnu mọ́, kí ẹ ka ení, èjì, ẹ̀ta kí ẹ tó sọ̀rọ̀.